Aago 11 alẹ́ ni mo dáwọ́ bíà dúró: kí ló dé tí ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ní aago 5 ìdájí?

Awakọ̀-Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà. Lálẹ́ àná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mu bíà ní aago 8, mo sì dáwọ́ dúró ní aago 11. Ìgò mẹ́rin ni mo mu, 500 mílílítà ni ìgò kọ̀ọ̀kan, 5% ni wọ́n kọ sí i lára. Mo mu omi dáadáa, mo sùn, mo mu kọfí tó le nígbà tí mo jí. Ní aago 5 ìdájí tí mo fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó ń wọn ọtí níbi iṣẹ́, 33 ló kọ, ìyẹn mílígíráàmù nínú ẹ̀jẹ̀ 100 mílílítà. Òdo ni wọ́n ń fẹ́, ni wọ́n bá dá mi padà sílé. Bẹ́ẹ̀ orí ò fọ́ mi, ojú mi sì dá. Ṣé ẹ̀rọ yẹn ló ń purọ́ ni, àbí ẹ̀dọ̀ mi ló ní àrùn? Kí ni ẹ̀dọ̀ ń fi ọtí ṣe gan-an tó fi ń pẹ́ tó báyìí? Ọkùnrin ni mí, mo wọn 70 kílò.

———

Ọlọ́mi

Ọ̀gá, omi tí ẹ mu ni kò tó. Ọtí máa ń bá ìtọ̀ àti òógùn jáde, ó ń bá èémí náà jáde, òun ni ẹ̀rọ yẹn fi ń rí i. Bí ẹ bá mu lítà méjì kí ẹ tó sùn, tí ẹ ń dìde tọ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé ọtí tó kù lẹ́nu lè da ẹ̀rọ náà láàmú.

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ọlọ́mi, ẹ gba ìdajì, torí òótọ́ ni pé ọtí ń gba ìtọ̀, òógùn àti èémí jáde. Iye tó ń gba ibẹ̀ ni ẹ kò wò. Nínú ọtí 100 gíráàmù tí èèyàn mu, bíi 2 sí 10 péré ló ń gba ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jáde bó ṣe wà. Ìyókù, àfi kí ara fọ́ ọ, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtọ̀ wò ó. Kíndìnrín kò lágbára láti kó ọtí jọ sínú ìtọ̀ bó ṣe ń kó àwọn ìdọ̀tí mìíràn jọ. Bí ọtí ṣe wà nínú omi ara ló ṣe ń wà nínú ìtọ̀, díẹ̀ báyìí ló fi ń ju ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ní ọtí 160 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà, odidi lítà ìtọ̀ kan kò ní gbé ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Ẹ̀dọ̀ ọkùnrin 70 kílò ń fọ́ nǹkan bíi gíráàmù 7 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí lítà ìtọ̀ kan ṣe, ẹ̀dọ̀ á ti parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 17 tàbí 18. Omi dára fún òùngbẹ, torí ọtí ń mú kí èèyàn tọ̀ ju omi tó mu lọ, àmọ́ kò fọ ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ọtí tó kù lẹ́nu, kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí Awakọ̀-Òru bá fi omi ìfọnu tó ní ọtí nínú yọ ẹnu lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, mo lè gbà pé òun ló fà á. Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún fẹ́ ẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́fà ti kọjá láti ìgbà tó mu tó kẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà kò purọ́. Màá ṣe ìṣirò rẹ̀ tó bá yá, ẹ ó sì rí i pé 33 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sójú ibi tó yẹ kó wà.

———

Awakọ̀-Òru

Ẹ ṣé, mà. Mi ò yọ ẹnu pẹ̀lú nǹkan kan. Nígbà náà, ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ̀dọ̀ ń ṣe fún gbogbo wákàtí yẹn?

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ọtí kò dà bí oúnjẹ tó gbọ́dọ̀ dà nínú ikùn kó tó wọ ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ń gba ara àpòlúkù wọlé, èyí tó pọ̀ jù ń gba ìfun kékeré. Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ibẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà. Ẹ̀dọ̀ a bu díẹ̀ nínú ọtí náà, èyí tí kò rí bù a kọjá lọ sí ọkàn, sí ọpọlọ, sí gbogbo ibi tí omi wà nínú ara. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po ni yóò máa padà wá sí ẹ̀dọ̀, tí ẹ̀dọ̀ yóò sì tún máa bu díẹ̀.

Nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ADH ló ń kọ́kọ́ gbà á. Ó ń já háídírójìn kúrò lára ẹtánọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí gan-an, ohun tó bá kù ni asitadiháìdì. Májèlé ni asitadiháìdì, oró rẹ̀ ju ti ọtí fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, nítorí náà ara kì í jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Inú mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń dáná agbára, ni ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń jẹ́ ALDH2 wà. Ibẹ̀ ni asitadiháìdì ti ń di ásítéètì. Ásítéètì kò léwu. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń jáde kúrò nínú ẹ̀dọ̀, iṣan ara àti ọkàn a sì sun ún bí wọ́n ṣe ń sun oúnjẹ, a di omi àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí jáde.

Fún ẹni tó bá fẹ́ rí i kedere:

```
CH3CH2OH + NAD⁺        → CH3CHO  + NADH + H⁺
CH3CHO   + NAD⁺ + H2O  → CH3COO⁻ + NADH + 2H⁺
```

Ẹ fojú sí NAD⁺ tó wà lápá òsì. Ìgbà méjì ló fara hàn. Òun ni garawa tó ṣófo. ADH ni apọnmi. Apọnmi kò lè fi ọwọ́ lásán gbé háídírójìn, ó gbọ́dọ̀ rí garawa. Bí garawa bá kún, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó di NADH, àfi kí ẹnì kan dà á nù kó tó ṣeé fi pọn omi mìíràn. Inú mitokọ́ńdíríà ni wọ́n ti ń dà á, ọ́síjìn ni wọ́n sì fi ń dà á.

Ohun méjì ló wá so eré ẹ̀dọ̀ mọ́lẹ̀. Èkíní, iye apọnmi kò pọ̀, wọ́n sì tètè ń kún fún iṣẹ́. Ọtí tí kò ju nǹkan bíi 5 mílígíráàmù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ 100 mílílítà ti tó láti mú ìdajì wọn dání. Nígbà tí yóò bá fi dé 20, gbogbo wọn ló ti ń ru. Bóyá 50 ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni o, bóyá 200 ni, iye kan náà ni wọn yóò gbé ní wákàtí kan, torí ọwọ́ wọn ti kún. Èkejì ni garawa tí kò tètè ṣófo.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti fẹ́ takò yín díẹ̀. Ẹ fi apọnmi síwájú, ẹ fi garawa sẹ́yìn. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé garawa ló ń fa ìdádúró jù. Ẹ wò ó, àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú irú ADH tí ọwọ́ rẹ̀ yá púpọ̀. Bí a bá yọ ẹ́ńsáìmù náà sínú ìgò àyẹ̀wò, eré tó ń sá ju ti àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Àmọ́ bí a bá wọn ọtí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn náà, díẹ̀ ni wọ́n fi ń yá ju àwọn tó kù lọ. Ká ní apọnmi ni ìṣòro, ṣé kò yẹ kí tiwọn tán ní ìdajì wákàtí tí tàwọn ẹlòmíràn ń gbà?

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ẹ̀rí tó lágbára lo mú wá, mi ò ní sá fún un. Màá tilẹ̀ fi kún un. Gíráàmù 7 ní wákàtí kan túmọ̀ sí pé garawa méjì-méjì ni ẹ̀dọ̀ gbọ́dọ̀ dà fún ẹyọ ẹtánọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò ọ́síjìn tí dída gbogbo rẹ̀ yóò gbà, ó ń lọ sí nǹkan bíi 58 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ọ́síjìn tí ẹ̀dọ̀ ń lò nígbà tí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kò sì ju nǹkan bíi 50 sí 60 mílílítà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni pé ọtí nìkan lè gba gbogbo àyè iná náà tán. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ fi ń pa iṣẹ́ mìíràn tì: sísun ọ̀rá dúró, ọ̀rá ń kó jọ sínú rẹ̀. Ṣúgà tuntun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe fún ara náà ń dín kù, torí pé àwọn ohun tó yẹ kó fi ṣe é ni NADH tó pọ̀ jù yẹn ti sọ di láktéètì. Ẹni tó mu púpọ̀ láìjẹun lè tìtorí bẹ́ẹ̀ dákú nítorí àìtó ṣúgà, kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ sì máa rò pé ọtí ló kàn pa á.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà lápá tèmi náà. Ẹni tí kò jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ADH inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a dín kù, ọtí a sì máa pẹ́ lára rẹ̀. Garawa nìkan kò lè ṣàlàyé ìyẹn tán. Yàtọ̀ sí èyí, NADH tó kún yẹn kì í tètè fi ọwọ́ ADH sílẹ̀. Fífi í sílẹ̀ gan-an ló ń pẹ́ jù nínú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà. Nítorí náà apọnmi àti garawa di ọ̀rọ̀ kan náà. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ló ń pín ìdádúró náà, bí wọ́n ṣe ń pín in sì yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, àti láti ìgbà tó yó sí ìgbà tí ebi ń pa á.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Mo gbọ́, mà, àmọ́ mi ò tíì kúrò lórí garawa. Fúrúkítóòsì, ṣúgà inú èso, máa ń mú kí ọtí yára tán díẹ̀ bí a bá fún èèyàn ní púpọ̀. Kò fi apọnmi kankan kún un. Dídà garawa ló ràn lọ́wọ́.

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ó rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í rí bẹ́ẹ̀ lára gbogbo èèyàn. Iye tí yóò ṣiṣẹ́ pọ̀ débi pé yóò máa run ikùn, yóò máa fa èébì, yóò sì mú kí áṣíìdì pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má lọ máa mu oyin tàbí omi èso nítorí ohun tí a ń sọ yìí.

———

Ẹlẹ́sẹ̀-Eré

Gbogbo èyí ti ga jù fún mi. Ní kúkúrú, bí èèyàn bá sáré kìlómítà márùn-ún lówùúrọ̀, tó làágùn, tó wẹ omi tútù, tó sì mu kọfí, ọtí á kúrò. Ojú á dá kedere.

———

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ojú á dá, ọtí ò ní kúrò. Nǹkan méjì ni. Kọfí ń lé oorun, kì í ran ADH lọ́wọ́ rárá. Ohun tó sì jẹ́ kó léwu nìyẹn, torí ẹni tó mu kọfí á rò pé òun ti padà bọ̀ sípò, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò yá láti tẹ bíréèkì bí ó ṣe yẹ. Omi tútù ń ta ara jí, kò wọ ẹ̀dọ̀.

Eré sísá ń mú kí èémí pọ̀, lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó jókòó, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní 160, ọtí tí èémí rẹ̀ ń gbé jáde ní wákàtí kan kò tó ìdajì gíráàmù. Bí ó bá sáré títí tí èémí rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, kò tíì tó gíráàmù 2. Ta ló sì máa sáré bẹ́ẹ̀ fún odidi wákàtí pẹ̀lú ọtí lára, kí ó má ṣubú? Iṣan ara tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ADH tó lè fọ́ ọtí. Ásítéètì ni iṣan ń sun, ẹ̀dọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe é.

Ohun kan tó ń ràn lọ́wọ́ díẹ̀ lóòótọ́ ni oúnjẹ, ṣáájú ọtí ni ó sì ti dára jù. Oúnjẹ ń jẹ́ kí ẹnu àpòlúkù pa dé, kí ọtí máa kán sínú ìfun díẹ̀díẹ̀, kí ó má ga nínú ẹ̀jẹ̀ tó bí ì bá ṣe ga. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó jẹun náà máa ń yára díẹ̀ ju ti ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n oúnjẹ aago 4 ìdájí kò lè fa ọtí tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni èébì: èyí tó ṣì wà nínú ikùn nìkan ló ń bá a jáde.

———

Òdòdó

Ẹ jọ̀ọ́, oògùn wo ló dára jù láti fi fọ ẹ̀dọ̀? Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń tà nínú ike kékeré máa ń fọ ọtí ọdún márùn-ún.

———

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọtí kì í pẹ́ ọdún márùn-ún lára, màmá. Ọjọ́ kan náà kì í sábà pé. Ohun tó lè kù ni ọ̀rá tàbí àpá nínú ẹ̀dọ̀. Kò sí ike tó ń fọ ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rá lásán, dídáwọ́ ọtí dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń jẹ́ kó lọ. Bí ó bá ti di àpá líle, ẹ lọ rí dókítà. Lára ewé àti egbòogi tí wọ́n ń dì sínú ike pàápàá wà nínú àwọn ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

———

Bàbá Ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojoojúmọ́ ni mo ń mu. Ìgò mẹ́rin tí ọmọ yìí mu, kò sí ohun tó ń ṣe mí tí mo bá mu ún. Nítorí náà mi ò gbà pé iye kan náà ni ẹ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ń ṣe. Tèmi yára.

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ẹ kú àgbà, bàbá. Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ó sì yẹ kí n pín wọn níyà.

Pé ọtí kò ṣe yín ní nǹkan kan, ọpọlọ ló ti mọ́ra. Bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ yín ní wákàtí náà, a lè bá 150 níbẹ̀ kí ẹ sì máa rìn gbọọrọ. Ìyẹn kò sọ ohunkóhun nípa eré ẹ̀dọ̀.

Àmọ́ òótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mu lójoojúmọ́ máa ń yára sí i. Ẹ́ńsáìmù mìíràn ló ń fà á, CYP2E1 ni wọ́n ń pè é. Lára ẹni tí kì í mu púpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kéré, ìgbà tí ọtí bá pọ̀ ló ń dá sí i. Lára ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, ara a máa pọ̀ ọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pàdánù láàárín 10 sí 20 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà ní wákàtí kan. Àwọn tó ń mu gidi lè dé 25, àwọn mìíràn tún kọjá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà bí mo ṣe ń sọ pé iye náà dúró lójú kan, mò ń sọ ti ara ẹnì kan náà ní alẹ́ kan náà. Mi ò sọ pé gbogbo ayé rí bákan náà.

Bàbá, èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: ẹ́ńsáìmù kejì yìí náà ló ń sọ apá kan parasitamọ́ọ̀lù di májèlé. Nígbà tí ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọtí ló gba ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọtí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, tí orí ń fọ́ yín lówùúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo, iye rẹ̀ sì ṣì pọ̀. Bí ẹ bá wá gbé parasitamọ́ọ̀lù púpọ̀ mì lórí ebi, ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í jẹ́ kí ẹni tó ń mu lójoojúmọ́ kọjá gíráàmù 2 lójúmọ́, ìyẹn hóró mẹ́rin tó jẹ́ 500 mílígíráàmù. Ẹ má sì dáwọ́ ọtí dúró lójijì láìsọ fún dókítà bí ọwọ́ yín bá máa ń gbọ̀n láàárọ̀, torí ìyẹn náà léwu.

Bí àpá bá sì gba ẹ̀dọ̀ náà tó, eré yẹn yóò padà sẹ́yìn. Ẹni tó ń fi í yangàn ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè rí i pé ìgò méjì ti ń pẹ́ lára òun.

———

Bàbá Ọ̀sán

Ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀ láàárọ̀. Mo ti gbọ́ tiyín.

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, kí ọ̀sẹ̀ yìí má parí kí ẹ tó rí dókítà, ẹ sì sọ iye tí ẹ ń mu gan-an fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá ṣe ìṣirò Awakọ̀-Òru tí mo ṣèlérí. Erik Widmark, ará Sweden, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, a ṣì ń lò ó.

```
ọtí (g) = mílílítà × % ÷ 100 × 0.789
C = ọtí ÷ (r × kílò) − β × wákàtí
```

Ìgò mẹ́rin jẹ́ 2000 mílílítà. 5% rẹ̀ jẹ́ 100 mílílítà ọtí gidi, ó sì wọn gíráàmù 79. C ni iye ọtí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ní gíráàmù nínú lítà kan; β ni iye tó ń lọ ní wákàtí kan; r ni ìpín ara tí ọtí lè wọ̀, nǹkan bíi 0.68 fún ọkùnrin. 0.68 lọ́nà 70 jẹ́ 47.6. Gíráàmù 79 tí a pín sí 47.6 jẹ́ 1.66, ìyẹn 166 mílígíráàmù nínú 100 mílílítà. Kí a fi 15 ní wákàtí kan yọ ọ́ kúrò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti aago 8 tó kọ́kọ́ mu. Ní aago 5 ìdájí, wákàtí 9 ti kọjá, 135 ti lọ, 31 ló kù. Ẹ̀rọ kọ 33. Ẹ̀dọ̀ rẹ kò ní àrùn, ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Bí a bá tẹ̀lé ìlà náà dé òpin, aago 7 òwúrọ̀ ni yóò kan òdo. Àmọ́ ìlà náà kì í gún dé òpin. Ẹ rántí pé nígbà tí ọtí bá ti wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 20, kò ní tó gbogbo apọnmi gbé mọ́, nítorí náà eré náà a máa dín kù bó ṣe ń lọ. Díẹ̀ tó kù lẹ́yìn yẹn a máa fà. Lójú tèmi, ibi iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ òdo, kí o fi wákàtí kan tàbí méjì kún ohun tí ìṣirò sọ.

———

Awakọ̀-Òru

Ah! Mo ṣe bí oorun ló ń mú un kúrò. Ìyàwó mi náà bá mi mu lálẹ́ yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mu iye kan náà. 60 kílò ló wọn. Òun náà wa ọkọ̀ jáde ní aago 8 òwúrọ̀.

———

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Bí ó bá mu gíráàmù 79 náà, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀. Omi inú ara obìnrin kéré sí ti ọkùnrin ní ìwọ̀n kan náà, nítorí náà r rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.55. 0.55 lọ́nà 60 jẹ́ 33. 79 tí a pín sí 33 jẹ́ 239 mílígíráàmù. Ní aago 8 òwúrọ̀, wákàtí 12 ti kọjá, 180 ti lọ, 59 ló ṣì kù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi 50 ṣe òpin fún awakọ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ obìnrin lè yára díẹ̀ ju 15 lọ, kí tirẹ̀ sì ti wà ní ìsàlẹ̀ 50 tó bá jẹ́ 18 ló ń pàdánù, torí 23 ni yóò kù. Ṣùgbọ́n ta ló mọ tirẹ̀ láìwọ̀n ọ́n? Oorun náà kò fi nǹkan kan kún un. Wákàtí ló ń kọjá nígbà tí a bá ń sùn.

———

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa fi 15 yìí búra. Láàárín 10 àti 20, ìyàtọ̀ ńlá ló wà. Kí Awakọ̀-Òru fi 10 ṣe ìṣirò tirẹ̀: 166 á gba wákàtí 16 ààbọ̀, ó di aago 12 ààbọ̀ ọ̀sán.

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Lórí èyí, ohùn wa ṣọ̀kan. Fún ìwádìí nílé ẹjọ́, a máa ń ṣírò ti ẹni tó lọ́ra àti ti ẹni tó yára, a kì í fi ti àárín nìkan jẹ́rìí. Fún ẹni tó fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ti ẹni tó lọ́ra nìkan ni kó lò. Ti Awakọ̀-Òru bọ́ sí nǹkan bíi 15 ní alẹ́ kan. Kò dájú pé yóò rí bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ tí kò jẹun.

———

Awakọ̀-Òru

Bí mo bá wá mu ìgò méjì péré ní aago 8, tí mo jẹun dáadáa, ṣé màá ti mọ́ ní aago 5?

———

Ìyá Yàrá-Àyẹ̀wò

Ìgò méjì jẹ́ gíráàmù 39.5. Ó ń lọ sí 83 nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Bí 15 bá ń lọ, ó tán ní aago 1 ààbọ̀ òru. Bí 10 ló ń lọ, ó tán ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 20, kí o sì tún rántí ìrù tó ń fà lẹ́yìn. Aago 5 fún jù fún ẹni tó lọ́ra. Ìgò kan, 41 ni, wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀ sì ni fún ẹni tó lọ́ra. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí. Wo ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà pẹ̀lú, torí bí ó bá jẹ́ 7.5%, ìgò méjì ti di mẹ́ta.